Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 10 lórí ọwọ́ fífọ̀ ní wọ́ọ̀dù: orí ara rẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Anti. Ọdún kejì mi rèé ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ọsibítù ìjọba. Mátíróònù wa ní kí n bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 lórí ọwọ́ fífọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ẹni tó sọ irú ẹ̀ kẹ́yìn, fóònù ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ló jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn dọ́kítà náà máa wà níbẹ̀. Kí ni mo lè sọ tí kò ní dà bíi pé mò ń rí wọn fín, tí wọ́n á sì ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Àbúrò mi, kò sẹ́nì kankan ní wọ́ọ̀dù yẹn tí kò mọ̀ pé ó yẹ ká fọwọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó o bá dìde tó o ní "ọwọ́ fífọ̀ ṣe pàtàkì", fóònù ni wọ́n máa tẹ̀, èmi gan-an á bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìgbà wo gan-an ni àwọn kì í fọ ọ́. Ibẹ̀ ni kó o gbà wọlé, kó o sì bẹ̀rẹ̀ látorí ara rẹ, torí tó o bá jẹ́wọ́ tìẹ kọ́kọ́, kò sí àgbà tó máa ní o rí òun fín.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí èyí kọ́. Nígbà tí mo ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, ọ̀gá kan lára àwọn tó ń mójú tó àkóràn nínú ọsibítù wá jókòó sí igun kan pẹ̀lú pépà àti bírò, ìṣẹ́jú 20 péré ló fi wò wá. Mo ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, mò ń wọn bíípì, mò ń wo gbígbóná ara, aláìsàn 4 ni. Mo wọ gílọ́ọ̀fù látorí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, mo rò pé mò ń ṣe dáadáa nìyẹn o. Ní bẹ́ẹ̀dì kẹta mo fún bàbá kan ní abẹ́rẹ́ gba inú kánnúlà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ta sí mi, mo sáré bọ́ gílọ́ọ̀fù, mo fọwọ́ dáadáa. Mo wọ òmíràn, mo ṣe bẹ́ẹ̀dì kẹrin, mo bọ́ ọ, mo fọwọ́, mo lọ jókòó. Nígbà tó parí ó fi pépà hàn mí: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló yẹ kí n fọwọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó bá mi ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nípa pépà yẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì tí mo fọ̀ ọ́, torí ara mi ni. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi, ẹ̀rù bà mí, mo fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ lọ jókòó kí n jẹun, mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí mo fò dá, ti aláìsàn ni wọ́n, kí n tó kàn án, kí n tó ṣí kánnúlà rẹ̀. Bó ṣe rí níbi púpọ̀ nìyẹn, àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fọwọ́ lẹ́yìn tá a bá ti fọwọ́ kan nǹkan ju ká fọ̀ ọ́ kó tó di pé a fọwọ́ kàn án lọ. Rántí 2014 tí Ẹ́bólà wọ Èkó, ta ló ń rán wa létí? Ìgò sànìtáísà wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Ara wa là ń bẹ̀rù fún nígbà yẹn. Nítorí náà "kó tó di pé a fọwọ́ kàn án" ni kí ọ̀rọ̀ rẹ dúró lé lórí, fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Kí Ọjọ́rú tó dé, bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ kó jókòó wò ọ́ fún ìṣẹ́jú 20, kó ṣe bí wọ́n ṣe ṣe fún mi. Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìgbà 5 wà tó yẹ ká tọ́jú ọwọ́: ká tó fọwọ́ kan aláìsàn, ká tó ṣe iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní bíi abẹ́rẹ́ tàbí dírẹ́sìn egbò, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá kàn wá tàbí tó ṣeé ṣe kó ti kàn wá, lẹ́yìn tá a bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tá a bá fọwọ́ kan nǹkan tó yí i ká bíi irin bẹ́ẹ̀dì àti lọ́kà rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fún wa tó ń mú kó dà bíi pé kò ṣeé ṣe. Tó o bá kúrò ní bẹ́ẹ̀dì 1 tó o kọjá tààrà sí bẹ́ẹ̀dì 2 láì fọwọ́ kan nǹkan kan láàárín, "lẹ́yìn" ti àkọ́kọ́ àti "ká tó" ti ìkejì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, ìfọwọ́ kan ṣoṣo ló sì máa kárí méjèèjì. Torí ẹ̀ ni ti aláìsàn 4 mi fi jẹ́ 6 péré: kí n tó kan ẹni àkọ́kọ́, láàárín 1 sí 2, láàárín 2 sí 3, kí n tó fún bàbá yẹn ní abẹ́rẹ́, láàárín 3 sí 4, àti lẹ́yìn ẹni ìkẹrin. Máàkì mi wá jẹ́ 2 nínú 6, ìyẹn 33 nínú 100. Mọ tìẹ, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì gbé e lọ síbẹ̀ bó ṣe wà, má ṣe bù kún un.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tí wàá sọ rèé. Fi máàkì tìẹ rọ́pò 2 nínú 6 yẹn o, kó o sì sọ ọ́ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀, má kà á látorí ìwé. Àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ti alẹ́ ni kó o lò, lórí ìdúró, kí àwọn tó ń nu ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, torí àwọn náà ń fọwọ́ kan lọ́kà àti irin bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ kú àárọ̀ o, mà, sà, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mátíróònù ló ní kí n sọ̀rọ̀, mi ò sì ní pẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo wá jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé mo ní kí ẹnì kan wo ọwọ́ mi nígbà tí mò ń wọn bíípì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló yẹ kí n tọ́jú ọwọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ṣe é yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló ta sí mi nígbà kan, ìkejì, oúnjẹ ni mo fẹ́ lọ jẹ. Kò sí èyí tí mo ṣe torí aláìsàn.

"Ẹ jẹ́ ká wo bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ọwọ́ mi ti kan irin bẹ́ẹ̀dì ẹni àkọ́kọ́, ó ti kan apá ẹni ìkejì tó ní egbò, ó ti kan rọ́bà bíípì tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ṣí ẹnu kánnúlà bàbá, kánnúlà sì rèé, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà ló wọ̀. Ohun tó bá wà ní ọwọ́ mi, kò ní ilẹ̀kùn tó tún máa kàn kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀ bàbá. Bí ibà bá mú un lọ́jọ́ kẹta, a ó ní ibà ti mú un. A ó yí oògùn rẹ̀ padà, ẹbí rẹ̀ á wá owó oògùn tó wọ́n jù ú lọ, kò sẹ́ni tó máa ka ọwọ́ mi mọ́ ọn.

"Ẹ ó ní, ṣebí mo wọ gílọ́ọ̀fù. Mo wọ̀ ọ́, ẹyọ kan náà láti bẹ́ẹ̀dì 1 dé bẹ́ẹ̀dì 3. Gílọ́ọ̀fù tí mi ò pààrọ̀, awọ ara mi kejì ló jẹ́, ohun tí awọ á gbé ló gbé. Bíípì àti gbígbóná ara ò béèrè gílọ́ọ̀fù lọ́wọ́ ẹnì kankan, àyàfi tí aláìsàn bá ní ohun tí wọ́n ti ní ká máa wọ̀ ọ́ sí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá máa kàn wá. Bí a bá sì wọ̀ ọ́, aláìsàn kan ló wà fún, ká sì tọ́jú ọwọ́ ká tó wọ̀ ọ́ fún abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn tá a bá bọ́ ọ, torí ó máa ń ní ihò tí ojú ò rí, nígbà tá a bá sì ń bọ́ ọ, ìta rẹ̀ á kan ọwọ́.

"Ẹ tún lè ní àyè ò sí. Mo ṣírò ẹ̀. Sànìtáísà, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 ló ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà yẹn jẹ́ bí ìṣẹ́jú 2 àtààbọ̀ fún aláìsàn 4. Tó bá jẹ́ ọṣẹ àti omi, 40 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá ni fún ẹ̀ẹ̀kan, láì tíì ka rírìn lọ síbi síǹkì àti bíbọ̀. Ìyẹn gan-an ni kò ṣeé ṣe, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ọwọ́ tí ó dọ̀tí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀, tàbí tá a bá ń tọ́jú ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tá a bá ti ilé ìgbẹ́ dé, ọṣẹ àti omi ni. Ìyókù, sànìtáísà tó.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò ní ká ṣe gbogbo ìgbà 5 yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni ò ní ṣí kánnúlà láì kọ́kọ́ fi sànìtáísà ra ọwọ́. Mo ti so ìgò mọ́ tírọ́lì abẹ́rẹ́, òun nìyí. Tẹ́ ẹ bá sì rí èmi tí mo gbàgbé, ẹ kàn gbé ìgò yẹn sún mọ́ mi, ẹ má sọ̀rọ̀, màá ti mọ̀. Ẹ ṣé púpọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tó ìṣẹ́jú 6 tó o bá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 4 tó kù, fi eré kan dí i, òun ni wọ́n máa rántí jù. Wá jíífíì, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń kùn sẹ́nu ọmọdé yẹn, pò ó mọ́ ìpara olómi díẹ̀. Pe ẹni tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú yín, kó wọ gílọ́ọ̀fù funfun àti épírọ́ọ̀nù (épírọ́ọ̀nù yẹn kì í ṣe àwàdà o, jíífíì ò ní kúrò lára yunifọ́ọ̀mù funfun láéláé, mo ti san owó aṣọ ẹlòmíràn rí). Fi aṣọ di ojú rẹ̀, da ìwọ̀n kékeré kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ní kó ra á bó ṣe máa ń ra sànìtáísà, kó ní òun ti parí. Kó tó ṣíjú, jẹ́ kí gbogbo ilé ti rí i. Ibi tó máa ń funfun sílẹ̀ jù ni àtàǹpàkò àti orí ìka. Orí ìka yẹn la sì fi ń wá iṣan, òun la fi ń ṣí kánnúlà. Ìgbà yẹn ni kó o wá fi ọ̀nà tó péye hàn wọ́n: kí oògùn kún àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ lórí ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, ẹ̀yìn ìka nínú àtẹ́lẹwọ́ kejì, kí o gbá àtàǹpàkò mú kó o yí i, kí o wá fi orí ìka ha àtẹ́lẹwọ́ ní yíyípo, títí á fi gbẹ. Kí ó gbẹ o. Àwọn kan máa ń gbọn ọwọ́ dànù, bí wọ́n bá sì fi gílọ́ọ̀fù lé ọwọ́ tútù, awọ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yún.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa jù lù ọ́, mo mọ̀ wọ́n. Ẹnì kan á ní sànìtáísà ń jẹ òun lọ́wọ́. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tán, kó tún fi sànìtáísà lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí àṣà yẹn ló ń bó ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni, kí ó sì fi ìpara pa ọwọ́ tó bá parí iṣẹ́. Sànìtáísà tí wọ́n ṣe bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á kalẹ̀ ní gílísẹ́rìn nínú kí awọ má baà gbẹ, fámásì ọsibítù lè ṣe é fúnra wọn, kí wọ́n kàn jẹ́ kó jókòó fún wákàtí 72 kí wọ́n tó pín in. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ omi ò yọ. Òótọ́ ni, mo mọ̀. Ike tó ní ẹnu ẹ̀rọ lábẹ́, tí omi á máa ṣàn jáde lára ẹ̀, dáa ju kọ́ọ̀bù àti garawa lọ. Èyí tí mi ò lè gbà ni bàsíà omi oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa ń gbé sórí tírọ́lì, tí gbogbo yín á máa ki ọwọ́ bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnì kìíní ló rí oògùn nínú omi yẹn, ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún, omi ìdọ̀tí gbogbo wọ́ọ̀dù ló ki ọwọ́ bọ̀. Táwẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kí mátíróònù bá yín kó méjèèjì kúrò lọ́jọ́ kan náà.

Ti dọ́kítà: má ṣe dojú kọ kọnsọ́ọ̀tántì ní ìpàdé yẹn. Àwọn dọ́kítà kékeré tó ń tẹ̀ lé e ń wo ọwọ́ ẹ̀ ni, ohun tó bá ṣe ni wọ́n máa ṣe, nítorí náà òun nìkan lo nílò. Lọ bá a lọ́jọ́ kan ṣáájú, ní "Sà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọwọ́ lọ́la, máàkì mi ò dáa, ẹ jọ̀ọ́, tá a bá ń yí bẹ́ẹ̀dì ká, ṣé mo lè máa di ìgò mú fún yín?" Mi ò tíì rí èyí tó kọ̀ ọ́ rí. Tí ìgò bá ti wà níwájú ẹ̀ kó tó dé bẹ́ẹ̀dì, ó máa ra á, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ibi tí ìgò wà rèé. Nílùú Geneva, ní ọsibítù yunifásítì wọn, dọ́kítà Didier Pittet àtàwọn èèyàn ẹ̀ kíyè sí i pé àwọn nọ́ọ̀sì ò lè máa rìn lọ síbi síǹkì fún gbogbo ìgbà tó yẹ kí wọ́n fọwọ́, wọ́n bá gbé sànìtáísà wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ògiri, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn náà sì tì wọ́n lẹ́yìn. Láti 1994 dé 1997, iye ìgbà tí wọ́n ń tọ́jú ọwọ́ nígbà tó yẹ kúrò ní 48 nínú 100, ó di 66. Àkóràn inú ọsibítù wọn sì dín kù. Wò ó dáadáa, 66 ni o. Pẹ̀lú owó wọn, omi wọn, àti gbogbo akitiyan yẹn. Tí wọ́ọ̀dù kan ní Nàìjíríà bá wá kọ 98 sílẹ̀ fún ọ, àwọn fúnra wọn ló ń ṣọ́ ara wọn, tàbí kí wọ́n ti mọ̀ pé ẹnì kan ń wò wọ́n. Gbogbo wa là ń fọwọ́ tá a bá rí ẹni tó di pépà mú.

Ọ̀nà tí ìwọ máa fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ wọlé ni ìgò. Ìgò ò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Fi bírò kọ ọjọ́ tó o ṣí i sára rẹ̀. Ìgò mílílítà 500, tí èèyàn bá ń lo bíi 3 lẹ́ẹ̀kan, ó máa tó ìgbà 166. Ká ní ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà kó tó tán ní wọ́ọ̀dù yín, bí ìgbà 12 lójúmọ́ nìyẹn fún gbogbo yín, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Àyíká bíípì aláìsàn 4 kan ṣoṣo sì rèé, 6 ló ń jẹ. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn Ọjọ́rú, ìgò tó ń lo ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́jọ́ 4 tàbí 5, wọ́n gbọ́ ọ. Tó bá tún lọ́ra padà, ṣàyẹ̀wò ìgò kó o tó bá èèyàn wí, torí mo ti rí ibi tó jẹ́ pé ẹnu ìgò ló dí fún ọjọ́ mẹ́ta, tí gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́ lásán tí wọ́n ń kọjá lọ, kò sẹ́nì kan tó sọ fún fámásì. Má sì ṣe bu tuntun kún ìyókù tó wà nínú ìgò, fọ ìgò náà, jẹ́ kó gbẹ, kó o tó rọ òmíràn sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bẹ ọ̀rẹ́ rẹ yẹn kó tún jókòó wò ọ́ fún ìṣẹ́jú 20. Ìwọ nìkan, má fi ẹlòmíràn kún un. Kọ máàkì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, kó o sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ sí i. Ní wọ́ọ̀dù tèmi, ọjọ́ kẹsàn-án kí ẹlòmíràn tó kọ tirẹ̀, mátíróònù ni, 3 nínú 8 ló kọ.